Ẹ̀jẹ̀ tàbí omi mímọ́ láti inú etí lẹ́yìn tí orí gbá nǹkan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ẹnì kan ṣubú, ó fi orí gbá ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní etí rẹ̀. Ṣé kì í ṣe ọgbẹ́ lásán ni?

Ó lè jẹ́ ọgbẹ́ lásán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ hàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti inú ihò etí wá lẹ́yìn tí orí gbá nǹkan líle, ẹ kà á sí pé agbárí ti là títí dìgbà tí àyẹ̀wò bá sọ pé kò là. Ẹ̀ka pàjáwìrì ní ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí ewé etí, ìyẹn apá tí à ń fi ọwọ́ dì mú, bá ya, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ẹ rọra nu ìta etí náà, kí ẹ wá wò ó dáadáa: ṣé láti ibi ọgbẹ́ yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sun, àbí inú ihò ló ti ń ṣàn jáde wá? Ẹ má ti ohunkóhun bọ inú ihò láti fi wò ó.

Kí ló pa etí àti agbárí pọ̀?

Inú egungun agbárí ni etí tòótọ́ wà. Èyí tí à ń rí níta kò ju ẹnu ọ̀nà lọ. Ihò etí wọnú egungun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ agbárí, ó dé ibi ìlù etí, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ohùn ń lù. Lẹ́yìn ìlù yìí ni yàrá kékeré kan wà tí egungun kéékèèké mẹ́ta so kọ́ra wọn níbẹ̀. Wọ́n ń gba ìró láti ara ìlù, wọ́n sì ń tì í lọ sí ẹ̀yà kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Inú ìgbín yìí ni ìró ti ń di ìmọ̀lára tí iṣan ń gbé lọ sí ọpọlọ.

Òrùlé yàrá kékeré yẹn fẹ́lẹ́ gan-an, ọpọlọ ló sì wà lórí rẹ̀. Iṣan tó ń mú ojú rẹ́rìn-ín, tó sì ń pa ìpéǹpéjú dé, gba inú egungun kan náà kọjá. Ìdí nìyí tí ìlà kan ṣoṣo tó bá là níbẹ̀ fi lè kan ìgbọ́ràn, ojú, ìdúróṣinṣin ara àti awọ ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi wo ló ń jáde tó mọ́ gaara bẹ́ẹ̀?

Ọpọlọ kò jókòó lórí egungun ní gbígbẹ. Omi kan yí i ká, ó ń gbà á lọ́wọ́ ìjàm̀bá. Nínú àgbàlagbà, omi yìí kò ju nǹkan bíi 150 mílílítà lọ nígbàkigbà, ṣùgbọ́n ara ń ṣe nǹkan bíi 500 mílílítà lójoojúmọ́, ó sì ń fa èyí tó ti pẹ́ padà sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe pé omi ọpọlọ fẹ́ tán ni ẹ̀rù ń bà wá.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni ọ̀nà tí omi náà gbà jáde. Kí ó tó lè kán sí ewé etí, awọ tó bo ọpọlọ ti ní láti ya, egungun ti ní láti là, ìlù etí tàbí awọ inú ihò etí náà ti ní láti ya. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ lórí ìlà kan. Ibi tí omi gbà jáde ni kòkòrò àrùn lè gbà wọlé, ihò etí kì í sì í ṣe ibi tí kòkòrò ti ṣọ̀wọ́n.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé omi ọpọlọ ni, kì í ṣe omi ìwẹ̀ tàbí ọyún?

Omi ọpọlọ ṣàn bí omi, kì í fà bí ikun. Kì í rùn. Ó máa ń pọ̀ sí i bí ẹni náà bá tẹ̀ ba tàbí tó bá fi agbára yàgbẹ́. Ìrọ̀rí máa ń tutù ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn kan á ní àwọn ń tọ́ iyọ̀ wò lọ́nà ọ̀fun.

Bí ó bá dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀kán kan bọ́ sórí aṣọ funfun tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á dúró láàárín, omi á tàn jáde yí i ká bí òrùka tó mọ́ fírífírí. A máa ń wo òrùka yìí, àmọ́ ẹ má fi í ṣe ìdájọ́: omi lásán, omijé àti itọ́ tó bá pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ lè ṣe òrùka kan náà. Bákan náà ni pépà tí wọ́n fi ń wo ṣúgà. Omi ọpọlọ ní ṣúgà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ní ṣúgà nínú, nítorí náà ó lè parọ́ fún yín.

Èyí tó dájú jù ni àyẹ̀wò láàbù tó ń wá pùrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní bẹ́tà-2 tiransifẹ́rìn. Ó wà nínú omi ọpọlọ, kò sí nínú omijé, ikun imú tàbí òógùn. Ìwọ̀nba omi tí kò tó mílílítà kan lè tó. Bí omi náà bá ń kán, ẹ gbé ìgò tó mọ́ sábẹ́ etí kí ẹ sì mú un dání lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró nílé nítorí pé ìgò kò tíì kún.

Kí ni kí a ṣe kí a tó dé ilé ìwòsàn?

Ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Agbára tó lè la agbárí lè dá egungun ọrùn, torí náà ẹ má fa ẹni náà dìde lójijì. Bí kò bá mọ nǹkan kan mọ́, ẹ wò ó bóyá ó ń mí, kí ẹ sì pe ọkọ̀ pàjáwìrì. Bí ó bá ń bì, ẹ yí orí, ọrùn àti ara rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀gbẹ́ tí etí náà wà, kí omi lè máa ṣàn jáde.

Bí ó bá wà lójúfò, tí ọrùn kò sì dùn ún, kí ó fi orí ga díẹ̀. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tàbí aṣọ tó mọ́ bo etí náà fẹ́rẹ́, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ó má fun imú. Bí ó bá fẹ́ sín, kí ó ya ẹnu. Ẹ má kán oògùn kankan sí etí náà, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́. Ẹ má fún un ní asipirín tàbí ibuporofẹ́ẹ̀nì fún orí fífọ́, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ẹ kọ àkókò sílẹ̀: ìgbà tó ṣubú, bóyá ó dákú, iye ìṣẹ́jú tó dákú, ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi. Kò sẹ́ni tó máa ń rántí nígbà tí dókítà bá bèèrè.

Kí ló burú nínú kí a fi òwú dí i?

Nínú gbogbo ohun tí à ń bá létí aláìsàn, òwú yìí ló ń bí mi nínú jù. Èrò tó dáa ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ jẹ́ ká dí i. Ṣùgbọ́n òwú tó rin fún ẹ̀jẹ̀, tó wà níbi tó gbóná, ilé kòkòrò ni, ọ̀nà tó ṣí sí ọpọlọ ló sì jókòó tì. Kò sì lè dí ohun tó ya nínú lọ́hùn-ún.

Aburú kejì ni pé ó ń bo àmì mọ́lẹ̀. Omi á máa wọ inú òwú láìsí ẹni tó mọ̀, ilé á rò pé etí ti gbẹ.

Ẹ fún wa ní àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Oríṣiríṣi aláìsàn ni mo fi hun ti ọkùnrin yìí pọ̀. Káfíńtà ni. Ó jábọ́ lórí àkàbà, nǹkan bíi mítà méjì, ó fi ẹ̀gbẹ́ orí òsì lu kọnkéré. Ó dákú fún bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀jẹ̀ jáde ní etí òsì, ó ti dá nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú. Ó fi òwú dí i, ó sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrọ̀rí rẹ̀ tutù, àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú sì wà lára rẹ̀. Ó yọ òwú, ó tẹ̀ ba láti wọ bàtà, omi kán tó, tó, tó sórí bàtà ọ̀tún. Ó rò pé omi tó fi wẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ̀ ló rí i ní ọjọ́ kejì pé ẹ̀yìn etí náà ti dúdú bí ẹni tí wọ́n lù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ló fi lu ilẹ̀. Dúdú ẹ̀yìn etí yẹn jẹ́ àmì pé ìsàlẹ̀ agbárí là. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta ló sábà máa ń gbà kó tó fara hàn.

Ní ilé ìwòsàn, síkáànì fi ìlà kan hàn tó gba òrùlé yàrá inú etí kọjá. Dókítà lu irin ẹlẹ́ka méjì kan kó lè máa dún, ó fi ìdí irin náà lé àárín iwájú orí ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ní etí òsì, èyí tó ṣe é, lòun ti ń gbọ́ ọ ketekete jù. Ìròyìn tó dáa nìyẹn: ó jẹ́ pé ìgbín inú etí ṣì ń ṣiṣẹ́, ojú ọ̀nà ìró ló dí. Ojú rẹ̀ kò wọ́.

Kò sí iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbé orí ibùsùn rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n dígíríì 30, wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ kó má baà fi agbára yàgbẹ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fun imú tàbí gbé ẹrù. Ní ọjọ́ kẹfà, gọ́ọ̀sì tó wà ní etí rẹ̀ gbẹ, ó sì ń gbẹ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀jẹ̀ inú etí ti lọ, ihò ara ìlù etí ti di, ṣùgbọ́n ìró tó kéré jù tí etí náà lè gbọ́ ṣì wà ní 45 dẹ́síbẹ̀lì. Ohùn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ etí náà. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò yí padà. Wọ́n ṣí etí náà wò: egungun kékeré tó wà láàárín ti yẹ̀ kúrò lára ìkẹta. Wọ́n tún un so pọ̀, etí náà sì wá lè gbọ́ ìró tó kéré tó 20 dẹ́síbẹ̀lì.

Etí ti gbẹ fúnra rẹ̀. Ṣé kí n ṣì lọ?

Kí ẹ lọ. Púpọ̀ nínú omi tó ń gba etí jáde máa ń dá fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, ìdí sì nìyẹn tí dókítà fi ń kọ́kọ́ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n gbígbẹ kò túmọ̀ sí pé egungun ti jinná. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí i. Ó sì lè jẹ́ pé omi náà yí ọ̀nà padà: ihò tóóró kan so yàrá inú etí mọ́ ẹ̀yìn imú, bí ìlù etí bá sì wà láìya, ibẹ̀ ni omi á gbà. Imú ẹ̀gbẹ́ kan tó ń kán omi lẹ́yìn ìjàm̀bá orí, tàbí omi oníyọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun, yẹ kó ta yín jí.

Bí omi bá kọjá ọ̀sẹ̀ kan láìdá, ewu àrùn yírùnyírùn ń pọ̀ sí i. Nígbà yẹn ni dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fa omi díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn ìbàdí kí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lè dín kù, bí kò bá sì dá, wọ́n á fi iṣẹ́ abẹ dí ibi tó ya.

Àwọn àmì wo ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti di kíákíá?

Ibà, orí fífọ́ tó ń le sí i, ọrùn tó gan tí àgbọ̀n kò fi lè kan àyà, ojú tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìrànrán: yírùnyírùn ni kí ẹ rò. Wákàtí ló ń ka ìyẹn, kì í ṣe ọjọ́.

Òmíràn ni ẹni tó jí lẹ́yìn tó dákú, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé, tó ń bì, tí ọmọlójú kan sì tóbi ju èkejì lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ń gba ara egungun tó wà lókè etí. Bí egungun ibẹ̀ bá là, ó lè fà á ya, ẹ̀jẹ̀ á sì máa kóra jọ láàárín agbárí àti awọ ọpọlọ. Àkókò tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa yẹn ló máa ń tan ilé jẹ.

Ṣé kí n lo oògùn apakòkòrò kí àrùn má baà wọlé?

Ẹ má rà á fúnra yín. Ìwádìí kò tíì fi hàn pé lílo rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí agbárí ìsàlẹ̀ rẹ̀ là ń dènà yírùnyírùn. Ó sì lè bo àmì àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó dáa láti bèèrè lọ́wọ́ dókítà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà kòkòrò nímókọ́kù, nítorí òun ló sábà máa ń fa yírùnyírùn lẹ́yìn irú ìjàm̀bá yìí.

Ṣé ìgbọ́ràn á padà?

Ibi tó bàjẹ́ ló máa sọ. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló kún yàrá inú etí, ara á fà á lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ìlù etí bá ya, ó sábà máa ń di fúnra rẹ̀. Bí egungun kéékèèké bá yẹ̀, oníṣẹ́ abẹ lè tún un so. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ìró kò rí ọ̀nà kọjá ni, ẹni tó ń gbà á nínú lọ́hùn-ún ṣì wà níbẹ̀.

Bí ìlà náà bá gba àárín ìgbín kọjá, etí náà sábà máa ń dití gan-an, kì í sì í padà. Òòyì líle máa ń bá a rìn. Irú èyí kò wọ́pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Bí etí méjèèjì bá dití báyìí, wọ́n lè fi ẹ̀rọ sínú ìgbín fúnra rẹ̀, bí iṣan ìgbọ́ràn kò bá já.

Ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lórí ibùsùn yín: ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ kùn “mmmm”. Bí ohùn náà bá pọ̀ jù ní etí tó dùn yín, ó jọ pé ọ̀nà ló dí. Bí ó bá sá lọ sí etí tó dáa, ó jọ pé ìgbín tàbí iṣan ló kàn. Kò rọ́pò àyẹ̀wò o, àmọ́ ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún dókítà. Bí etí bá ṣì wúwo lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni mọ́.

Ojú rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣé rọpárọsẹ̀ ni?

Iṣan ojú tó gba inú egungun náà ló ṣeé ṣe kó kàn. Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé: ìgbà wo ló wọ́? Bí ó bá wọ́ lójú ẹsẹ̀, iṣan náà lè ti já, ó sì lè gba iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá wọ́ lọ́jọ́ kẹta, wíwú ni, ó sì sábà máa ń padà. Fóònù tí ẹ fi ya àwòrán rẹ̀ nínú ọkọ̀ lè yanjú àríyànjiyàn yìí. Títí dìgbà yẹn, ojú tí kò lè padé nílò oògùn tó ń mú un tutù, kó má baà gbẹ kó di ọgbẹ́.

Àgbọ̀n ló fi gbá ilẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ orí. Kí ló dé tí etí fi ń ṣẹ̀jẹ̀?

Orí egungun àgbọ̀n jókòó sí iwájú ihò etí gẹ́lẹ́. Ẹ fi ìka sí iwájú etí yín kí ẹ la ẹnu, ẹ ó mọ̀ ọ́n bó ṣe ń yí. Ẹni tó fi àgbọ̀n ṣubú lè ti egungun yìí sẹ́yìn kó fọ́ ògiri iwájú ihò etí, ẹ̀jẹ̀ á jáde, láìjẹ́ pé ìsàlẹ̀ agbárí là. Bí eyín kò bá pàdé bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń tọ́ka sí ibẹ̀. Ilé ìwòsàn ṣì ni, síkáànì ló máa sọ èwo nínú méjèèjì, ìgbà míì sì rèé, méjèèjì ni.

Mo ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Ìgbà wo ni mo lè wẹ orí, wọ bàlúù, fun imú?

Omi kò gbọdọ̀ wọ etí náà títí dókítà á fi rí i pé ìlù rẹ̀ ti di. Bàlúù àti imú fífun, ó di ẹ̀yìn ìgbà tí dókítà bá fọwọ́ sí i pé omi ọpọlọ ti dá pátápátá, nítorí afẹ́fẹ́ lè gba ibi tó là wọ inú agbárí.

Òòyì tó ń kọ lù yín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí ẹ bá yí padà lórí ibùsùn wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá orí. Òkúta wínníwínní inú etí ló ṣí kúrò láyè rẹ̀. Dókítà tàbí onífisiọ́ lè yí orí yín lọ́nà kan tó máa dá wọn padà, láìsí oògùn.

Ọmọ wa ti ní yírùnyírùn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ó lè ní í ṣe pẹ̀lú ìṣubú tó ti pẹ́?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Egungun líle tó yí ìgbín ká kì í fi egungun tuntun jinná dáadáa, awọ fẹ́lẹ́ ló sábà máa ń dí ibi tó là. Ọ̀fìnkìn tàbí àrùn etí lásán lè gba ibẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má sọ ti ibà tó ń ṣe é lọ́wọ́ nìkan. Ẹ sọ ìṣubú náà, ọdún tó ṣẹlẹ̀, etí tó ṣẹ̀jẹ̀ nígbà náà, àti bóyá etí yẹn kò gbọ́ràn dáadáa látìgbà náà, kí wọ́n lè wo egungun ibẹ̀ nínú síkáànì.